Kèké tí kì í mú ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀nà mẹ́rin nínú ṣíìtì, àti ìdí tí mo fi dúró ti ẹ̀kẹta

Ènìyàn 24 ló wà nínú ẹgbẹ́ èsúsú tí àǹtí mi ń dá ní ọjà Àtákúmọ̀sà, níhìn-ín ní Iléṣà. ₦5,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lọ́sẹ̀, ẹnì kan á sì kó ₦120,000 lọ sílé. Ẹni tó bá kó lọ́sẹ̀ kìíní, owó ẹlòmíràn ló fi ń ṣòwò láìsan èlé. Ẹni tó bá kó lọ́sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, owó ara rẹ̀ ló ń gbà padà lẹ́yìn oṣù márùn-ún ó lé, ọjà sì ti wọ́n sí i kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ òṣómàáló ni gbogbo wọn, ẹ mọ̀ pé ẹni tí bàbá rẹ̀ ń lóṣòó síwájú ilé onígbèsè kò ní gbójú fo irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ìwé wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń ká sínú igbá. Nígbà tó yá, ẹnì kan sọ pé etí ìwé kan ti ká kí wọ́n tó dà á sínú igbá, ọ̀rọ̀ sì di ariwo. Ìyá Ẹgbẹ́ bá ní kí n máa fi kọ̀ǹpútà ṣẹ́ kèké náà. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo ti lò nínú ṣíìtì, irú ti Excel tàbí Google Sheets, láti ìgbà náà. Mo fẹ́ fi wọ́n wé ara wọn fún ẹnikẹ́ni tó bá ní irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ètò ìjókòó ìdánwò, ì báà jẹ́ pínpín ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí a ń wá kò ju èyí lọ: nọ́ńbà 1 dé 24, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹnikẹ́ni má sì lè mọ̀ ṣáájú ibi tí tirẹ̀ yóò bọ́ sí.

| Ọ̀nà | Ṣé nọ́ńbà lè tún ara rẹ̀ sọ? | Kí ló kù láti fi han ẹni tó ń ṣiyè méjì? |
|---|---|---|
| `RANDBETWEEN` nìkan | Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì dájú pé yóò ṣẹlẹ̀ | Kò sí |
| `RAND`, kí a wá to ìlà tẹ̀ lé e | Rárá | Díẹ̀, ó sì máa ń dojú rú |
| `RAND` àti `RANK` | Rárá, bí fọ́múlà bá tọ́ | Nọ́ńbà kèké àti ipò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ |
| `SORTBY` pẹ̀lú `RANDARRAY` | Rárá | Èsì nìkan |

Èyí tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń sáré sí

```
=RANDBETWEEN(1,24)
```

Ẹ kọ ọ́ sí àpótí kan, ẹ fà á sísàlẹ̀ dé ìlà 24, nọ́ńbà á kún ibẹ̀. Ó rọrùn, ó sì burú fún iṣẹ́ yìí. Àpótí kọ̀ọ̀kan ń ṣẹ́ kèké tirẹ̀ láìmọ ohun tó bọ́ sọ́wọ́ àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn mú ìwé kan nínú igbá, tó kà á, tó sì dá a padà sínú igbá kí ẹlòmíràn tó mú. Tí ènìyàn 24 bá mú ìwé báyìí, nọ́ńbà bí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni kò ní jáde rárá, àwọn yòókù á sì máa já lu ara wọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé, “Ènìyàn mẹ́ta péré ni mo fẹ́ yàn nínú 24, kò lè ṣẹlẹ̀.” Ó lè ṣẹlẹ̀ o. Bí ìgbà mẹ́jọ ni ẹ bá yan mẹ́ta mẹ́ta, ẹ retí pé nọ́ńbà kan á jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀kan lára wọn. Bí ẹ bá ń fún ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò ìsọdipúpọ̀, ẹ lò ó. Kò sí ohun tó burú kí 7 jáde lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀.

Kí a to àwọn ìlà fúnra wọn

Níhìn-ín, orúkọ wà ní òpó A, ẹ ó sì kọ `=RAND()` sí òpó B lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. `RAND` máa ń mú nọ́ńbà kan jáde láàárín 0 àti 1; ó lè jẹ́ 0 gan-an, ṣùgbọ́n kì í dé 1. Ẹ wá yan òpó méjèèjì, kí ẹ to wọ́n láti kékeré sí ńlá ní ìbámu pẹ̀lú B. Orúkọ á dà pọ̀, ẹni tó bá wà lókè ló kọ́kọ́ kó. Google Sheets tilẹ̀ ní ọ̀nà àbùjá kan tí wọ́n ń pè ní `Randomize range`, tó máa ń da àwọn ìlà rú láìsí òpó B rárá.

Mo lò ó lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ohun tó ṣe èsì rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ẹ bá ti tò ó tán, `RAND` á tún mú nọ́ńbà tuntun jáde. Ẹni tó bá wo òpó B lẹ́yìn náà á rí i pé kò tò mọ́: 0.71 lókè, 0.03 lábẹ́ rẹ̀, 0.88 tẹ̀ lé e. Ìyá kan fi gíláàsì ojú rẹ̀ wò ó dáadáa, ó sì bi mí pé, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń to nǹkan nìyí?” Mo ṣàlàyé títí, mi ò rò pé ó gbà mí gbọ́.

Ewu kan tún wà tó ju èyí lọ. Bí orúkọ bá wà ní A, tí nọ́ńbà fóònù wà ní D, tí ẹ sì gbàgbé D nígbà tí ẹ ń yan ohun tí ẹ fẹ́ tò, orúkọ á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù rẹ̀. Bí ẹ bá ti pa ìwé náà dé, ó ṣòro láti dá a padà, nítorí ètò tẹ́lẹ̀ kò sí lórí ṣíìtì náà mọ́.

Nọ́ńbà kèké pẹ̀lú ipò

Èyí ni mo ń lò báyìí. Àwọn orúkọ kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Òpó ìrànwọ́ kan á gbé nọ́ńbà kèké, òpó kejì á sọ ipò nọ́ńbà náà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ wà láti A2 dé A25. Ẹ kọ èyí sí B2:

```
=RAND()
```

Ẹ kọ èyí sí C2:

```
=RANK(B2,B$2:B$25)
```

Ẹ wá fa méjèèjì sísàlẹ̀ dé ìlà 25. Ohun tí `RANK` ń bèèrè ni pé: láàárín gbogbo nọ́ńbà láti B2 dé B25, ipò kèélòó ni tèmi? Nọ́ńbà tó tóbi jù ló gba 1. Bí a bá ní nọ́ńbà 24 tí kò sí méjì tó dọ́gba nínú wọn, ipò 24 ló gbọ́dọ̀ wà, kò sì sí bí ẹni méjì ṣe lè wà ní ipò kan. Kò sí ìṣírò mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Àìtúnrasọ náà kò ti ọwọ́ kèké wá, ọwọ́ ipò ló ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ènìyàn márùn-ún ṣe é kí ó lè hàn. Alánkárá gba 0.4172, aláṣọ-òkè gba 0.9035, oníléèsì gba 0.0581, aládìrẹ gba 0.6620, oníbàtà gba 0.2294. Aláṣọ-òkè ló tóbi jù, òun ni 1. Aládìrẹ ni 2, alánkárá ni 3, oníbàtà ni 4, oníléèsì ló kẹ́yìn. Bí ẹ bá kà á láti òkè sísàlẹ̀ bí orúkọ ṣe tò, ẹ ó rí 3, 1, 5, 2, 4. Gbogbo nọ́ńbà pé, kò sí ìkankan tó jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí mo ti kọsẹ̀ rèé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò fi àmì dọ́là sí i. `=RANK(B2,B2:B25)` ni mo kọ, mo sì fà á sísàlẹ̀. Nígbà tó dé ìlà 3, ó ti di B3:B26. Nígbà tó dé ìlà 4, B4:B27. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń fi wé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dín kù. Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn márùn-ún wa: alánkárá ṣì wà ní 3 nítorí gbogbo wọn ló rí. Aláṣọ-òkè ní 1. Ṣùgbọ́n oníléèsì kò rí àwọn méjì tó wà lókè rẹ̀ mọ́, ló bá di 3. Oníbàtà nìkan ni aládìrẹ rí, ló bá di 1. Oníbàtà kò rí ẹnikẹ́ni àfi ara rẹ̀, òun náà gba 1. Èsì di 3, 1, 3, 1, 1.

Nínú ẹgbẹ́, orúkọ tó kẹ́yìn pátápátá lórí ìwé ni ti àǹtí mi. Mo ka èsì sókè, ẹni mẹ́rin ló wà ní ipò kìíní, àǹtí mi sì wà lára wọn. Mo bẹ̀bẹ̀, mo tẹ F9 kí kèké tuntun jáde. Àwọn tó wà ní ipò kìíní yí padà, àǹtí mi kò yí. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Àǹtí mi ni kìíní. Ẹ̀rín ni àwọn kan ń rín, àwọn kan kò rín rárá. Àṣé ẹni tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn kò lè gba nǹkan mìíràn láé, nítorí òun nìkan ló kù nínú ìdíje tirẹ̀. Àmì tí ẹ ó fi mọ àṣìṣe yìí nìyẹn: ẹ tẹ F9 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ sì máa wo ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí kò bá kúrò lórí 1, dọ́là ni ẹ gbàgbé.

Àṣìṣe kejì kì í tètè hàn. Ẹnì kan lè wo 0.417206338 kó ní ó gùn jù, kó sì lọ fi `ROUND` gé e sí 0.42, tàbí kó fi `RANDBETWEEN(1,100)` rọ́pò `RAND` kí nọ́ńbà lè dára lójú. Bí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti fún ìbejì láyè. Bí ènìyàn 24 bá ń pín nọ́ńbà 100, nínú ìgbà 20 tí ẹ bá ṣe é, bí ìgbà 19 ni ẹni méjì ó kéré tán á ní nọ́ńbà kan náà. `RANK` á wá fún àwọn méjèèjì ní 6, á sì fo 7 lọ sí 8. Ẹ ó máa wá ẹni tó ni 7, ẹ kò ní rí i. Bí nọ́ńbà gígùn bá ń dí yín lójú, ẹ dín iye tó ń hàn kù láti ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ìrísí àpótí. Ìyẹn kò gé nọ́ńbà fúnra rẹ̀. `RAND` tí a kò gé gùn débi pé kò sẹ́ni tó ń rí ìbejì nínú ènìyàn 24. Fún ẹni tí kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún oríire, àtúnṣe wà:

```
=RANK(B2,B$2:B$25)+COUNTIF(B$2:B2,B2)-1
```

Ìkejì nínú ìbejì á sún sí ipò tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣàkíyèsí pé dọ́là kan ṣoṣo ló wà nínú `B$2:B2`, àmọ̀ọ́mọ̀ ni. Níbẹ̀, a fẹ́ kí ìparí rẹ̀ máa sún.

Láti yẹ èsì wò, mo máa ń fi òpó D ka iye ìgbà tí ipò kọ̀ọ̀kan jáde:

```
=COUNTIF(C$2:C$25,C2)
```

1 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn kan ń ṣírò àpapọ̀ òpó C nìkan, tó yẹ kó jẹ́ 300 fún ènìyàn 24. Bí kò bá jẹ́ 300, àṣìṣe wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n 300 nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí 5 àti 5 náà ń di 10 bí 4 àti 6 ṣe ń di 10.

Bí ẹni kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá dé nígbà tí ẹ ti kọ fọ́múlà tán, tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà 26, tí ẹ sì fa B àti C dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, `#N/A` ni ẹ ó rí. Nọ́ńbà rẹ̀ kò sí láàárín B2 àti B25 tí fọ́múlà ń wò. Ẹ sọ 25 di 26 nínú C2, kí ẹ tún un fà. Ẹni tó ń dá owó ẹni méjì, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà méjì, kó gba ipò méjì.

Dídì í

Bí ẹ bá gbàgbé èyí, gbogbo iṣẹ́ òkè yẹn á ṣòfò. `RAND` kì í sinmi. Bí ẹ bá kọ nǹkan sí àpótí èyíkéyìí, á yí padà. Bí ẹ bá pa ìwé dé lọ́jọ́ Ẹtì tí ẹ ṣí i lọ́jọ́ Ajé, ipò gbogbo ènìyàn á ti yàtọ̀ sí ohun tí ẹ tẹ̀ sórí bébà. Lórí Google Sheets tí ẹ jọ ń lò láti orí fóònù, ẹnikẹ́ni tó bá ṣàtúnṣe orúkọ rẹ̀ ti ṣẹ́ kèké tuntun fún gbogbo ẹgbẹ́ láìmọ̀.

Ẹ yan òpó B, ẹ kọ́pì í, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ padà sórí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà lásán: `Paste Special`, lẹ́yìn náà `Values`. Lórí Google Sheets nínú kọ̀ǹpútà, Ctrl, Shift àti V tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń di òpó C nítorí pé òun ni wọ́n nílò. B ló yẹ kí ẹ dì. Bí ẹ bá di C, tí B ṣì ń yí, ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ yín wò á rí 0.12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipò kìíní, á sì ní ẹ purọ́. Bí ẹ bá di B, C á dúró gẹ́gẹ́ bí fọ́múlà, á máa sọ òótọ́ nígbàkígbà. Ẹnikẹ́ni lè fi ìka tẹ̀ lé e pé nọ́ńbà tó tóbi jù ló ní 1, èyí tó tẹ̀ lé e ló ní 2. Ìyá tó lo gíláàsì ọjọ́sí ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ilé, ó sì jókòó.

Ẹ má ṣe to orúkọ ní ìbámu pẹ̀lú C kí ẹ tó di B. Bí ẹ bá ṣe é, `RAND` á tún yí, ètò tí ẹ ń wò kò ní bá ipò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mu mọ́.

Ohun kan wà tí fọ́múlà kankan kò lè dí. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lè máa tẹ F9 títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ á fi bọ́ sí ipò kejì, kó tó wá dì í, kò sì sí àmì tí yóò fi hàn. Kò sí bí ẹ ṣe lè ní kí `RAND` tún kèké àná ṣẹ́ bó ṣe wà, torí náà ẹ kò lè fi ìyẹn mú un. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí n tó ṣí ìwé, Ìyá Ẹgbẹ́ á dá iye kan sókè. Bó bá ní méje, ìgbà méje ni mo máa tẹ F9 lójú gbogbo wọn, wọ́n á máa kà á, mo sì máa dì í lẹ́yìn ìkeje.

Èyí tó kúrú jù

Bí ẹ bá ní Excel 2021 tàbí Microsoft 365, ìlà kan ṣoṣo tó:

```
=SORTBY(SEQUENCE(24),RANDARRAY(24))
```

Lórí Google Sheets:

```
=SORT(SEQUENCE(24),RANDARRAY(24,1),TRUE)
```

1 dé 24 á tú jáde ní ìdàrúdàpọ̀, láìsí àtúnrasọ, láìsí ohun tí ẹ ń fà sísàlẹ̀, dọ́là kò sì sí níbẹ̀ tí ẹ ó gbàgbé. Òpó ìrànwọ́ wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, `RANDARRAY` ni. Ó kàn wà níkọ̀kọ̀ ni. Lórí Excel tó dàgbà ju ìyẹn lọ, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé ìtẹ̀wé kéékèèké, `#NAME?` ni yóò fi dá yín lóhùn. LibreOffice kò ní wọn àfi láti ẹ̀dà 24.8.

Bí èmi nìkan ni mo ń lò ó, bíi kí n pín ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí ni mo máa ń mú. N kò mú un lọ sọ́jà, nítorí nọ́ńbà kèké kò hàn. Bí wọ́n bá bi mí pé báwo ni lágbájá ṣe di 22, kò sí ohun tí mo lè nawọ́ sí.

Títẹ̀ ẹ́ jáde

Òpó C ń sọ ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ohun tí akápò ń fẹ́ ni ìdàkejì: ta ló kó lọ́sẹ̀ kìíní, ta ló tẹ̀ lé e. Lórí ṣíìtì kan náà, ẹ kọ 1 dé 24 sí òpó F láti F2, kí ẹ sì kọ èyí sí G2, kí ẹ fà á:

```
=INDEX(A$2:A$25,MATCH(F2,C$2:C$25,0))
```

Bí ẹni mẹ́ta péré ni ẹ fẹ́ yàn nínú 24, bíi àwọn tí yóò lọ ra àga ìpàdé, ẹ dúró ní F4. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn kò lè jẹ́ ẹnì kan náà.

Nínú èyí tí a ṣe kẹ́yìn, Ìyá Ẹgbẹ́ dá mọ́kànlá. Mo tẹ F9 nígbà mọ́kànlá, mo di B, mo sì tẹ ìwé méjì jáde: ọ̀kan tó ní A, B àti C fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan tó ní F àti G fún akápò. Kèké mú àǹtí mi sí ọ̀sẹ̀ kọkàndínlógún. Ó ní òun fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó bi mí bóyá àmì dọ́là yẹn pọn dandan.